Lọ́ọ̀tì ló máa ń gbẹ̀yìn: bí mo ṣe ń ṣírò ẹ̀ kí tíréèdì kan má baà gbé àkáǹtì lọ

Ìbéèrè táwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fórẹ́ẹ̀sì máa ń bi mí jù ni "ẹ̀gbọ́n, lọ́ọ̀tì mélòó ni kí n lò?" Lọ́ọ̀tì ni ìwọ̀n ohun téèyàn ń rà tàbí tà nínú tíréèdì kan. Ẹni tó ń bèèrè ò tíì sọ iye tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀ o, kò tíì sọ ibi tó fẹ́ gbé S/L ẹ̀ sí, ìyẹn iye tí tíréèdì á ti pa ara ẹ̀ dé tó bá ń pàdánù, lọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Lọ́ọ̀tì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń yàn bí ẹni ń yan aṣọ, nǹkan téèyàn ń ṣírò jáde ni, ohun mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀: iye owó tó wà nílẹ̀, iye tó o gbà kó lọ tí tíréèdì yẹn bá kùnà, àti bí S/L ṣe jìnnà sí ibi tó o ti wọlé. Tó o bá ti ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ́ọ̀tì á jáde fúnra ẹ̀.

Mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì mi àkọ́kọ́, 300 dọ́là ni mo fi sí i, owó tí mo fi oṣù mélòó kan kó jọ. Mo ra góòlù ní 0.10 lọ́ọ̀tì torí pé ẹnì kan ní 0.10 lòun ń lò, góòlù sì fi dọ́là 12 já wálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ohun tó máa ń ṣe láàárín wákàtí mélòó kan láìsí ìròyìn kankan. 120 dọ́là lọ. Tíréèdì kan ṣoṣo kó ìdá méjì nínú márùn-ún àkáǹtì, mi ò sì lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìdí tí mo fẹ́ bá ìrìn góòlù náà wí ò sí, bó ṣe máa ń rìn náà ló rìn. Iye tí mo gbé ni kò bá owó mi mu. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àpẹẹrẹ kan ni mo máa fi ṣe gbogbo ẹ̀ ká má baà sọnù: àkáǹtì 500 dọ́là, lórí MT5, áàpù tí a fi ń ṣe tíréèdì, a sì fẹ́ ra EURUSD, ìyẹn yúrò tí a ń fi dọ́là rà.

Àkọ́kọ́, iye tó lè lọ

Èmi ò kì í jẹ́ kó kọjá 1% lórí tíréèdì kan. 1% nínú 500 jẹ́ dọ́là 5. Mo mọ̀ pé ó máa kéré lójú ẹlòmíì, ó ti kéré lójú èmi náà rí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó o bá pàdánù léraléra, torí ó máa ṣẹlẹ̀, kódà ẹni tí ọ̀nà ẹ̀ dáa gan-an máa pàdé ìgbà tí tíréèdì mẹ́wàá á kùnà tẹ̀léra wọn tó bá pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Tó o bá ń fi 1% ṣe é, tí o sì ń tún un ṣírò lórí iye tó kù, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹwàá 500 yẹn á ku bíi 452. O nílò èrè bíi 11% kó o tó padà síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò le. Tó bá jẹ́ 10% lo ń fi ṣe é, 500 á di nǹkan bí 174, o sì nílò èrè tó ju 180% lọ láti fi padà sí 500. Ọ̀nà kan náà ni, tíréèdì mẹ́wàá kan náà ni, ìwọ̀n tó o gbé nìkan ló yàtọ̀. Àwọn kan ń lo 2%, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹni tí kò tíì ní ìwé àkọsílẹ̀ tíréèdì ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ ò tíì mọ bí àpàdánù ẹ̀ ṣe máa ń gùn tó, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní 1% tàbí ìdajì ẹ̀.

Ẹ kíyèsí nǹkan kan níbí. Iye tí mò ń ṣírò lé lórí, lójoojúmọ́ ni mò ń wò ó, kì í ṣe iye tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Tó o bá sì ní tíréèdì tó ṣì ṣí sílẹ̀ tó ń pàdánù lọ́wọ́, Balance tó o rí lójú fóònù kò tíì yọ àpàdánù yẹn kúrò, Equity ló ti yọ ọ́. Èyí tó kéré nínú méjèèjì ni kó o lò.

Ìkejì, S/L, ṣáàtì ló ń sọ ibi tó máa wà

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n á ní "mo fẹ́ pàdánù dọ́là 5, mo sì fẹ́ lo 0.10, torí náà S/L mi á jẹ́ pípù 5." Rárá o. Pípù la fi ń ka bí iye ṣe rìn. Pípù 5 lórí EURUSD, mímí ọjà lásán ni, á gbé ẹ jáde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tó o fọkàn sí, o ò sì ní mọ̀ bóyá èrò rẹ ló burú tàbí àyè tó o fún un ló há.

S/L gbọ́dọ̀ wà níbi tó jẹ́ pé tí iye bá débẹ̀, èrò tó mú ẹ ra nǹkan náà ti jẹ́ irọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, iye já wálẹ̀ dé 1.08280 láàárọ̀, ó fò sókè, a sì fẹ́ rà ní 1.08500. Tó bá padà wá já 1.08280, àwọn tó ń rà níbẹ̀ ti sá lọ nìyẹn, a ò ní nǹkan tí a ń dúró dè mọ́. Nítorí náà mo gbé S/L sí abẹ́ ẹ̀ díẹ̀, 1.08250. Mi ò tíì ronú owó rárá títí di àkókò yìí.

Ìkẹta, pípù mélòó, pípù kan sì jẹ́ èló

Nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn àmì ni pípù fún EURUSD. Láti 1.0850 sí 1.0825 jẹ́ pípù 25. Ṣọ́ra o, MT5 máa ń fi nọ́ńbà márùn-ún hàn, ìkarùn-ún yẹn ni wọ́n ń pè ní point, mẹ́wàá ẹ̀ ló wà nínú pípù kan. Torí náà pípù 25 tiwa, 250 point ni MT5 máa kà á sí. Mo ti rí ẹni tó tẹ 25 sínú àpótí tó ń gba point, S/L ẹ̀ wá jẹ́ pípù méjì àtààbọ̀, ó jáde kí ó tó gbé ojú kúrò lórí fóònù. Tó o bá ṣi èyí ṣe, gbogbo ìṣirò yòókù á fi ìlọ́po mẹ́wàá ṣì. Èmi máa ń tẹ iye gan-an, 1.08250, dípò kí n tẹ iye point, kò sí bí èèyàn ṣe máa ṣi ìyẹn gbà.

Lọ́ọ̀tì odindi kan lórí EURUSD jẹ́ 100,000 yúrò. Tó bá rìn pípù kan, ìyẹn 0.0001, 100,000 lọ́nà 0.0001 jẹ́ dọ́là 10. Nítorí náà 0.10 lọ́ọ̀tì jẹ́ dọ́là 1 lórí pípù kan, 0.01 sì jẹ́ sẹ́ǹtì 10. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún GBPUSD àti AUDUSD, gbogbo èyí tí USD bá wà lẹ́yìn, tí àkáǹtì rẹ bá jẹ́ ti dọ́là. Tí dọ́là bá wà níwájú bíi USDJPY, ó máa yí: pípù ibẹ̀ ni 0.01, lọ́ọ̀tì kan jẹ́ yẹ́ẹ̀nì 1,000 lórí pípù kan, o máa wá fi iye tí dọ́là kan jẹ́ ní yẹ́ẹ̀nì pín in. Tí USDJPY bá wà ní 150, ó jẹ́ dọ́là 6.67. Má ṣe gbé dọ́là 10 ti EURUSD lọ síbẹ̀.

Ìkẹrin, pípín

```
lot = (balance × risk) ÷ (stop_pips × pip_value_per_lot)
lot = (500 × 0.01) ÷ (25 × 10) = 5 ÷ 250 = 0.02
```

0.02 lọ́ọ̀tì. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Kí n tó tẹ Buy, mo máa ń yí i padà lọ́kàn mi láti fi yẹ̀ ẹ́ wò: 0.02 jẹ́ sẹ́ǹtì 20 lórí pípù kan, pípù 25 lọ́nà sẹ́ǹtì 20 jẹ́ dọ́là 5. Ó bára mu. Ìyẹ̀wò yìí ò gba ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe 0.20 dípò 0.02 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ọwọ́ máa ń yára lórí fóònù.

Ẹni tó ní Google Sheets lórí fóònù lè fi iye owó sí B1, 0.01 sí B2, pípù sí B3, iye pípù kan fún lọ́ọ̀tì odindi sí B4, kó wá tẹ èyí síbikíbi:

```
=ROUNDDOWN((B1*B2)/(B3*B4), 2)
```

ROUNDDOWN yẹn ṣe pàtàkì. Ká sọ pé S/L wa jẹ́ pípù 32, 5 pín sí 320 jẹ́ 0.0156. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ó sún mọ́ 0.02, kí n kúkú lo 0.02. Ó máa jẹ́ dọ́là 6.40 tó bá kùnà, o ti kọjá ohun tó o bá ara ẹ ṣàdéhùn. Ìsàlẹ̀ ni kó o máa gé e sí, 0.01, àpàdánù á jẹ́ 3.20. Ó kéré sí ohun tó o fẹ́, kò burú.

Ẹ rí i báyìí pé tí S/L bá jìnnà, lọ́ọ̀tì á kéré, tó bá sún mọ́, lọ́ọ̀tì á tóbi, dọ́là 5 náà sì ni àpàdánù ní ìgbà méjèèjì. Ẹni tó bá ń lo lọ́ọ̀tì kan náà lójoojúmọ́ rò pé ewu kan náà lòun ń gbé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí pípù 15, lọ́la pípù 60, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn.

Lẹ́fẹ́réèjì ńkọ́?

Kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́fẹ́réèjì kàn ń sọ iye tí bírókà máa dè mọ́lẹ̀ kó tó gbà kó o wọlé ni. 0.02 lọ́ọ̀tì ní 1.0850 jẹ́ ọjà dọ́là 2,170. Ní 1:100 bírókà á de nǹkan bí dọ́là 22, ní 1:500 á de bíi 4.34. Àpàdánù ní pípù 25 jẹ́ dọ́là 5 nínú méjèèjì. Ohun tí lẹ́fẹ́réèjì ńlá ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí Free Margin, owó tí bírókà ò tíì dè, pọ̀ lójú ẹ, o wá rò pé àyè ṣì wà, o lè gbé 0.50. MT5 á gbà fún ẹ. Pé ó gbà fún ẹ ò sọ pé àkáǹtì lè gbà á.

Góòlù àti àkáǹtì kékeré

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí góòlù ni ọ̀pọ̀ àwa tó wà ní Nàìjíríà ń fẹ́ràn, òun ló sì ń jẹ owó wa jù. Lórí ọ̀pọ̀ bírókà, lọ́ọ̀tì kan XAUUSD jẹ́ áúǹsì 100. Tó bá rìn dọ́là kan, dọ́là 100 ni lọ́ọ̀tì odindi, dọ́là 1 sì ni 0.01. Má gbára lé ọ̀rọ̀ mi lórí èyí, ṣí Specification fún XAUUSD lórí MT5 tìẹ, wo Contract size, kó o tún wo lọ́ọ̀tì tó kéré jù tí wọ́n gbà, bírókà ò rí bákan náà.

Ká wá mú àkáǹtì 500 wa wá. A fẹ́ ra góòlù ní 2,650, ṣáàtì sì sọ pé S/L gbọ́dọ̀ wà ní 2,642, ìyẹn dọ́là 8.

```
lot = 5 ÷ (8 × 100) = 0.00625
```

0.01 ni bírókà gbà pé ó kéré jù. Tó o bá lò ó, dọ́là 8 lo máa pàdánù, ìyẹn 1.6%. Èrò tó máa kọ́kọ́ sọ sí ẹ lọ́kàn ni kó o gbé S/L wá sí 2,645 kó lè jẹ́ dọ́là 5. Má ṣe é. 2,645 wà láàárín ibi tí iye ti ń ṣeré, o ti sọ S/L di nǹkan tí ọjà máa tẹ̀ kọjá láìsí ìdí. Ohun tó tọ́ ni kó o fi tíréèdì yẹn sílẹ̀, tàbí kó o dúró kí iye sún mọ́ 2,642 kó o tó wọlé. Tó bá padà sí 2,646, S/L jẹ́ dọ́là 4, 0.01 jẹ́ dọ́là 4 àpàdánù, ó wọlé sínú 1%. Tí kò bá padà wá, kò padà wá nìyẹn.

Ẹni tó ní dọ́là 100 le jù. 1% ẹ̀ jẹ́ dọ́là 1, 0.01 lórí EURUSD ò sì lè gba ju pípù 10 lọ. Kò sí ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání láti fi àkáǹtì gbáàgbá ṣe é. Àwọn bírókà kan ní àkáǹtì sẹ́ǹtì, níbi tí dọ́là 100 ti máa hàn bíi 10,000, tí 0.01 ibẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti 0.01 tí a mọ̀. Ibẹ̀ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa ṣírò bá a ṣe ń ṣírò níbí gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, ẹni tó bá fi dọ́là 100 gbé 0.05 lórí góòlù, dọ́là 20 péré ni góòlù máa rìn tí gbogbo ẹ̀ fi máa tán, kódà bírókà á ti pa tíréèdì ẹ̀ dé kó tó débẹ̀.

Tó bá jẹ́ títà

Ṣáàtì MT5, iye Bid, ìyẹn iye tó o lè tà, ló máa ń yà. Tó o bá rà, o wọlé ní Ask, ìyẹn iye tó o lè rà, S/L rẹ sì máa jáde ní Bid, nítorí náà tó o bá ka pípù láti iye tó o gan-an wọlé, sípírẹ́ẹ̀dì, àlàfo tó wà láàárín Bid àti Ask, ti wà nínú ẹ̀. Àmọ́ tó o bá tà, Ask ló máa lu S/L rẹ, o ò sì rí Ask lórí ṣáàtì àfi tó o bá tan ìlà ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pariwo pé "iye ò dé S/L mi, bírókà ló pa mí." Fi sípírẹ́ẹ̀dì kún S/L tó o bá ń tà, kó o sì kà á mọ́ pípù rẹ kó o tó pín. Tí ṣáàtì bá ní pípù 25, tí sípírẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ 1.5, 26.5 lo máa fi ṣírò, 5 pín sí 265 jẹ́ 0.0189, o ti padà sí 0.01 nìyẹn. Sípírẹ́ẹ̀dì kì í dúró sójú kan o. Nígbà tí Níú Yọ́ọ̀kì bá ń pa ọjà, ìyẹn aago mẹ́wàá alẹ́ wa tàbí mọ́kànlá, bí àkókò ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá ṣe yí, ó máa ń fẹ̀ gan-an. Tíréèdì tí S/L ẹ̀ há ò yẹ kó wà ní ṣíṣí nígbà yẹn.

Tí àkáǹtì rẹ bá sì ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù, fi kún un. Dọ́là 7 lórí lọ́ọ̀tì kan, lílọ àti bíbọ̀, jẹ́ sẹ́ǹtì 14 lórí 0.02.

Níbi tí 1% ò ti ní jẹ́ 1%

S/L kì í ṣe ìlérí. Tí iye bá débẹ̀, ó di àṣẹ pé kí wọ́n tà á ní iye tó bá wà nílẹ̀, tí kò bá sí ẹni tó ń rà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti tà á. Ọjọ́ tí gbogbo ayé fi mọ èyí ni January 15, 2015, nígbà tí báǹkì àpapọ̀ Switzerland ṣàdédé ní àwọn ò ní mú EURCHF dúró sí 1.20 mọ́, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti September 2011. Iye já lọ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó gbé S/L wọn sí ìsàlẹ̀ 1.20 díẹ̀ jáde níbi tó jìn gan-an sí i, àwọn mìíràn jẹ bírókà ní gbèsè. Bírókà kan, Alpari ti Lọ́ńdọ̀nù, kógbá wọlé nítorí ẹ̀. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀, àmọ́ kékeré ẹ̀ máa ń wáyé lóṣooṣù nígbà tí wọ́n bá ń kéde iye iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Friday, àti láàárín Friday sí alẹ́ Sunday tí ọjà bá ṣí síbòmíràn. Èmi ò kì í gbé tíréèdì kọjá òpin ọ̀sẹ̀ ní 1%, tí mo bá tiẹ̀ máa gbé e, mo máa gé e sí ìdajì.

Èkejì ni tíréèdì tó jọ ara wọn. Tó o bá ra EURUSD, o tún ra GBPUSD, o tún ra góòlù, dọ́là kan náà lo ń bá jà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí dọ́là bá le lọ́sàn-án yẹn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè kùnà pa pọ̀, 3% ti lọ, o sì rò pé 1% lo ń ṣe. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa pín 1% yẹn láàárín wọn. Àmọ́ lórí 500 ó ṣòro láti pín dọ́là 5 sí mẹ́ta nítorí 0.01, torí náà ẹyọ kan tí ṣáàtì ẹ̀ mọ́ jù ni mo máa ń mú, mo máa fi méjì yòókù sílẹ̀.

Ìwé kékeré kan

Fún tíréèdì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ iye tí mo ní lọ́kàn pé ó lè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó lọ lóòótọ́. Dọ́là 5.00, lọ 5.10, kò sí wàhálà, sípírẹ́ẹ̀dì tàbí yíyọ̀ díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ 5.00, lọ 7.80, mo máa wá ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kí n tó tún wọlé: ṣé àkókò ìròyìn ni, ṣé mo gbé S/L sẹ́yìn nígbà tí iye ń sún mọ́ ọn, ṣé owó swap ti òru ló kún un. Tó bá jẹ́ pé mo gbé S/L sẹ́yìn, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí lọ́ọ̀tì tí mo ṣírò, pípù 25 ni mo ṣírò ẹ̀ fún, ọjọ́ tí S/L bá ti di pípù 40, ìṣirò yẹn ti kú, 0.02 ti di àpàdánù dọ́là 8, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn dọ́là 8.